Ìṣirò Ọ̀sẹ̀ ní Ọjọ́ Àìkú: Bí Ìdílé Ṣe Lè Ka Iṣẹ́ Tó Ti Parí, Kí Wọ́n sì Yan Mẹ́ta fún Ọ̀sẹ̀ Tó ń Bọ̀



Ní Fìdítì, ní Ìlọrà àti ní àwọn ìlú yòókù ní Afíjió, ọjọ́ Àìkú ni ọ̀pọ̀ ìdílé máa ń rí ara wọn jókòó pọ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ kò ṣí, ọ́fíìsì kò ṣí, òde ìgbéyàwó ọjọ́ Àbámẹ́ta ti kọjá, àwọn tó lọ sí àsàlátù ní òwúrọ̀ sì ti padà dé. Àyè tó wà ní ọjọ́ Àìkú yìí ni àwọn ẹgbẹ́ àsàlátù náà ń lò. NASFAT tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó ní 1995 fi ọjọ́ Àìkú ṣe ọjọ́ ìpàdé, nítorí pé ọjọ́ náà ni òṣìṣẹ́ kò lọ síbi iṣẹ́. Ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé lónìí lè gba ìwọ̀nba ìdajì wákàtí nínú ọjọ́ kan náà: kí ìdílé ka iṣẹ́ tí wọ́n parí láàárín ọ̀sẹ̀, kí wọ́n sì dá àbá ohun mẹ́ta tó gbọ́dọ̀ ṣíwájú ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Àwọn tó ń kọ̀wé lórí ètò iṣẹ́ nílẹ̀ òkèèrè mọ irú ìjókòó yìí dáadáa. David Allen, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ṣe àlàyé rẹ̀ nínú ìwé tó gbé jáde ní 2001. Ó ní kí èèyàn kọ́kọ́ kó gbogbo ohun tó wà nílẹ̀ jọ, kó yẹ àkọsílẹ̀ rẹ̀ wò kó lè bá ìgbà mu, lẹ́yìn náà kó wá ronú ohun tó kàn. Ọ̀sán ọjọ́ iṣẹ́ tó gbẹ̀yìn ọ̀sẹ̀ ló fara mọ́ fún un, ìyẹn ọjọ́ Jímọ̀, nítorí òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ló ní lọ́kàn. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ Fìdítì tàbí ìyá tó ń yan gààrí ní Ìlọrà kì í parí ọ̀sẹ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ ọjà rẹ̀ kì í sì í tẹ̀ lé kàlẹ́ńdà ọ́fíìsì. Nítorí náà, a kò lè kàn gbé ètò náà wọlé bó ṣe wà.

Ìwé kan, ojú-ìwé kan, oríṣi mẹ́ta

Ohun tí ẹ nílò kò ju ìwé àkọsílẹ̀ kan àti bírò kan lọ. Ojú-ìwé kan ni fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ kọ déètì ọjọ́ Àìkú sí òkè rẹ̀, kí ẹ sì pín in sí mẹ́ta: Ó parí, Kò tíì parí, Mẹ́ta tó kàn. Ọmọ tó mọ̀wé kọ dáadáa ni kó máa mú bírò dání. Kì í ṣe òun ló ń pàṣẹ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti kọ ohun tí wọ́n bá sọ, kó sì ka ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá sókè kí ìjókòó tó bẹ̀rẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣìnà ni ìpín àkọ́kọ́. Ẹnì kan á ní, "A ti ta gààrí." Ẹ béèrè pé: ṣé owó rẹ̀ ti wọlé? Bí oníbàárà bá ṣì jẹ owó àpò kan, títa ti parí lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbígba owó kò tíì parí. Òfin tó rọrùn ni pé iṣẹ́ ti parí nígbà tí kò bá sí ohun kankan mọ́ tí ẹnikẹ́ni nínú ilé ní láti ṣe lórí rẹ̀. Bí ó bá ku ohun kan, ẹ kọ apá tó parí sí Ó parí, kí ẹ sì kọ èyí tó kù sí Kò tíì parí. Bí ẹ kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, gbèsè náà á parẹ́ nínú ìwé, á sì parẹ́ lọ́kàn yín títí oníbàárà fi máa gbàgbé.

Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tí ẹ bá kọ ní iye nínú. "A ṣiṣẹ́ oko" kò sọ nǹkan kan fún yín ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí i. "A ro ìdajì oko ọsàn, alágbàṣe méjì, ọjọ́ méjì" sọ púpọ̀. Nígbà tí ẹ bá tún fẹ́ ro ìdajì yòókù, ẹ ti mọ iye èèyàn àti iye ọjọ́ tó máa gbà, ẹ kò sì ní máa fojú bù ú.

Níwájú ohunkóhun tí kò tíì parí, ẹ kọ ìdí rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ díẹ̀: owó kò tó, ẹni tí a ń dúró dè kò wá, a gbàgbé, a kò mọ ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀. Ìdí náà ló máa sọ ohun tó yẹ kí ẹ ṣe. Ohun tí ẹ gbàgbé kò nílò owó, ẹni tó máa rán yín létí ló nílò. Èyí tí ẹ kò sì mọ ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ nílò kí ẹ gé e sí wẹ́wẹ́.

Yíyan mẹ́ta

Kí ẹ tó yan, ẹ kọ gbogbo ohun tó wà lọ́kàn ẹnì kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀yìn ojú-ìwé náà. Ó lè jẹ́ mẹ́jọ, ó lè jẹ́ méjìlá. Iṣẹ́ ojoojúmọ́ kò sí níbẹ̀: omi pípọn, oúnjẹ, ìrun, ilé kéwú àwọn ọmọ. Ìyẹn á máa lọ bó ṣe ń lọ. Ohun mẹ́ta tí a ń wá ni àwọn tó jẹ́ pé bí ọ̀sẹ̀ bá dàrú, a ó fi ohun yòókù sílẹ̀ nítorí wọn.

Ìbéèrè mẹ́ta la fi ń ṣa wọ́n. Èkíní: èwo ló ní ọjọ́ tí kì í ṣe àwa la dá a? Ìkẹ́yìn ọjọ́ owó ìdánwò, ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, ọjọ́ tí èèyàn fẹ́ wá gba ọsàn. Èkejì: èwo ló dí ọ̀nà mọ́ òmíràn? Bí owó gààrí la fẹ́ fi san nǹkan méjì, gààrí ló ṣíwájú méjèèjì. Ẹ̀kẹta: èwo ló máa bàjẹ́ tàbí tó máa wọ́n sí i bí a bá fi sílẹ̀? Ohun tí ìbéèrè kankan kò mú lè dúró, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni ẹnì kan ń pariwo rẹ̀ jù.

Ẹ̀yin ará, àbá ni mẹ́ta yìí. Ẹni tó ń kọ̀wé á kà á sókè, ẹnikẹ́ni nínú ilé sì lè sọ pé ó ku nǹkan kan. Ìyàwó lè mọ̀ pé ẹni tó máa ṣiṣẹ́ náà kò ní sí nílé. Ọmọ lè mọ̀ pé ilé-ẹ̀kọ́ ti sún ọjọ́ kan síwájú. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sọ̀rọ̀ tán ni olórí ilé á fọwọ́ sí i, a ó sì kọ orúkọ ẹnì kan ṣoṣo sí iwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ tí a bá kọ "gbogbo wa" sí iwájú rẹ̀, kò sí ẹni tó máa ṣe é.

Ọjọ́ ọjà kò dúró de ọ̀sẹ̀

Ohun tí ìwé òkèèrè kò lè sọ fún wa rèé. Ọ̀sẹ̀ tí a fi ń ka ilé-ẹ̀kọ́ àti ọ́fíìsì jẹ́ ọjọ́ méje. Ọjà ọrọọrún wa kò bá a lọ. Yorùbá ń ka ọjọ́ tí a wà níbẹ̀ mọ́ ọn, ìdí nìyẹn tí a fi ń pè é ní ọrún, ṣùgbọ́n bí a bá ka òru, ọjọ́ mẹ́rin ló wà láàárín ọjà kan àti èkejì. Mẹ́rin kò pín méje géérégé, nítorí náà ọjọ́ ọjà ń yípo nínú ọ̀sẹ̀.

Ká ní ọjà tí ẹ ń ná bọ́ sí Ọjọ́ Ajé. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, a ó tún ná an ní Jímọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó di Ìṣẹ́gun àti Àbámẹ́ta. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó di Ọjọ́rú àti Àìkú. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, Ọjọ́bọ nìkan ló ní. Ọjọ́ Ajé ló tún padà bọ́ sí ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún. Ọjọ́ 28 ni yíyípo náà gbà, ọjà méje ló sì wà nínú rẹ̀.

Nǹkan méjì ló tinú èyí jáde fún ìjókòó wa. Lákọ̀ọ́kọ́, nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ọ̀kan wà tó jẹ́ pé ọjà kan péré ló ní. Ìdílé tó ń fi owó ọjà méjì ṣètò ọ̀sẹ̀ máa rí i pé owó dín kù ní ọ̀sẹ̀ yẹn, wọ́n á sì máa bi ara wọn pé ta ló na owó. Kò sẹ́ni tó ná an, ọjọ́ ló yí. Èkejì ni pé lẹ́ẹ̀kan nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ọjọ́ Àìkú fúnra rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ ọjà. Ìyá kò ní sí nílé ní ọ̀sán. Ẹ má ṣe fo ìjókòó náà, ẹ sún un sí ẹ̀yìn ìrun Ìṣáì. Tí ẹ bá fò ó lẹ́ẹ̀kan, ọ̀sẹ̀ méjì á dà pọ̀, kò sì sẹ́ni tó máa rántí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ mọ́.

Nítorí náà, kí ẹ tó dá àbá mẹ́ta, ẹ kọ́kọ́ kọ ọjọ́ ọjà ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ sí òkè ojú-ìwé. Ẹni tó bá ń ná ọjà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ máa kọ méjèèjì.

Àpẹẹrẹ kan, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin

Ẹ jẹ́ ká fi ìdílé kan ṣe àpẹẹrẹ, lẹ́bàá Fìdítì, nínú oṣù Èrèlé. Bàbá ní oko ọsàn àti oko gbágùúdá. Ìyá ń yan gààrí. Ọmọbìnrin wọn àgbà ló ń kọ̀wé, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin sì fẹ́ ṣe ìdánwò àṣejáde girama. Ọjọ́ Àìkú yẹn jẹ́ ọjọ́ ọjà, nítorí náà ẹ̀yìn Ìṣáì ni wọ́n jókòó.

Ohun tí ọmọ náà kọ sílẹ̀ rèé:

Ó parí: Gààrí àpò mẹ́ta, a tà á, owó méjì ti wọlé. Ìdajì oko ọsàn, a ro ó. Owó àjọ ọ̀sẹ̀ yìí, a san án.

Kò tíì parí: Owó àpò kan, oníbàárà Ìlọrà ni. Owó ìdánwò, kò tó. Òrùlé ilé ìdáná, ọ̀sẹ̀ kẹta nìyí.

Ọjọ́ ọjà: Ọjọ́bọ nìkan.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n kọ ohun mẹ́sàn-án tó wà nílẹ̀. Gààrí fún ọjà, owó ìdánwò tí ilé-ẹ̀kọ́ fẹ́ gbà tán ní Jímọ̀, òrùlé, ìdajì oko ọsàn tó kù, jẹnẹrétọ̀ tó bàjẹ́, aṣọ ìgbéyàwó tó yẹ kí wọ́n gbé fún télọ̀, ìbẹ̀wò sí àbúrò Bàbá tí ara rẹ̀ kò yá ní Ìlọrà, owó àjọ, àti gbèsè oníbàárà.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ mú owó ìdánwò, nítorí ilé-ẹ̀kọ́ ló dá Jímọ̀. Èkejì mú gààrí, nítorí òun ló máa bí owó ìdánwò. Ẹ̀kẹta mú òrùlé: ẹ̀ẹ̀rùn ṣì wà, ṣùgbọ́n òjò àkọ́rọ̀ kò jìnnà mọ́, ilé ìdáná yẹn sì ni wọ́n ń kó gààrí àti igi sí.

Bí wọ́n bá dúró síbẹ̀, wọn ì bá kàn kọ "gààrí, owó ìdánwò, òrùlé". Ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí kò ṣeé ṣe, nítorí wọn kò sọ ohun tí ẹnikẹ́ni máa ṣe ní àárọ̀ Ọjọ́ Ajé. Wọ́n wá kà á láti ẹ̀yìn wá.

Ọjà ni Ọjọ́bọ. Ìyá gbọ́dọ̀ yan gààrí ní Ọjọ́rú. Kó tó yan án, gbágùúdá rírìn gbọ́dọ̀ ti sun nínú àpò fún òru méjì ó kéré tán, kó lè kan, kí omi rẹ̀ sì fún jáde. Ìyẹn túmọ̀ sí pé Ọjọ́ Ajé ni wọ́n máa hú u, tí wọ́n máa bó o, tí wọ́n sì máa rìn ín lọ́jọ́ kan náà. Wọn kò lè ti máa hú u sílẹ̀ tipẹ́, nítorí gbágùúdá tí a ti hú máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú nínú láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Wọn kò sì lè sún un sí Ìṣẹ́gun àfi tí wọ́n bá fẹ́ gbé gààrí tí kò kan lọ sọ́jà. Nítorí pé ẹ̀ẹ̀rùn ni, ilẹ̀ le, wọ́n nílò alágbàṣe kan. Alẹ́ Àìkú yẹn gan-an ni wọ́n gbọ́dọ̀ pè é, kí wọ́n sì bá ẹni tó ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin gbágùúdá sọ̀rọ̀.

Ọmọbìnrin náà wá rí nǹkan kan. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Bí owó bá wọlé ní alẹ́ Ọjọ́bọ, tí ilé-ẹ̀kọ́ sì ń gbà á tán ní Jímọ̀, kò sí ọjọ́ kankan láàárín. Bí ọjà kò bá tà ńkọ́?"

Ìyá dáhùn pé, "Òótọ́ ni, ọmọ mi. Ọ̀sẹ̀ yìí, ọjà kan ni. Mo ti rò pé a ṣì máa rí òmíràn."

Gbèsè oníbàárà Ìlọrà, tí ìbéèrè kankan kò mú tẹ́lẹ̀, wá di apá kan owó ìdánwò. Bàbá sì fẹ́ lọ kí àbúrò rẹ̀ ní Ìlọrà bákan náà, ìrìn àjò kan ló máa ṣe méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ òrùlé ti wà nínú ìwé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìdí tí wọ́n kọ sí iwájú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni "owó kò tó". Ọmọkùnrin náà béèrè pé, "Èló ni?" Kò sẹ́ni tó mọ̀. Wọn kò tíì pe káfíńtà rí. Wọ́n wá yí iṣẹ́ náà padà: kì í ṣe títún òrùlé ṣe ni ti ọ̀sẹ̀ yìí, kíkà iye páànù ni.

Mẹ́ta tí Bàbá fọwọ́ sí rèé:

Mẹ́ta tó kàn:
1. Kí gbágùúdá ti di rírìn kí ilẹ̀ Ọjọ́ Ajé tó ṣú (Ìyá).
2. Kí owó oníbàárà Ìlọrà wọlé ní Ìṣẹ́gun. Bí kò bá san, kí a lọ bá ilé-ẹ̀kọ́ sọ̀rọ̀ ní Ọjọ́rú, kí a má dúró de Jímọ̀ (Bàbá).
3. Kí káfíńtà wá wo òrùlé, kó sọ iye páànù àti owó iṣẹ́, kó tó di Àbámẹ́ta (ọmọkùnrin).

Ẹ wo bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ní ọjọ́ àti ẹni tó ni í. Ní Àìkú tó ń bọ̀, ẹni tó ń kàwé kò ní béèrè pé "báwo ni òrùlé?" Á béèrè pé "páànù mélòó?" Ìdáhùn rẹ̀ yóò jẹ́ iye kan, tàbí kí ó jẹ́ "kò wá".

Bí ẹ ó ṣe mọ̀ pé ó ti ń bàjẹ́

Àmì àkọ́kọ́ ni ohun tó bá tún padà wá lẹ́ẹ̀mẹ́ta, bí òrùlé yẹn. Ní ìgbà kẹta, ẹ má tún kọ ọ́ bó ṣe wà. Ẹ gé e sí ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ tó lè parí ní ọjọ́ kan, tàbí kí ẹ gbà pé ẹ kò ní ṣe é báyìí, kí ẹ sì fà á nù. Ohun tó ń padà wá láìyí padà máa ń kọ́ gbogbo ilé pé ìwé náà kò tó nǹkan.

Àmì kejì yàtọ̀ sí i: bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ń parí ní gbogbo ọ̀sẹ̀, láìsí ìṣòro, fún oṣù kan. Ó jọ ìròyìn ayọ̀, ṣùgbọ́n ó sábà máa ń túmọ̀ sí pé ohun tó rọrùn lẹ ń yàn, tí ẹ sì ń fi èyí tó nira sí ẹ̀yìn ojú-ìwé. Ẹ lọ wo ẹ̀yìn ojú-ìwé mẹ́rin tó kọjá. Ohun tó wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ẹ ń sá fún.

Àmì kẹta ni kí mẹ́ta di márùn-ún, kó di méje. Bí nǹkan tuntun bá já lu yín ní àárín ọ̀sẹ̀, bí àìsàn tàbí òkú, ó lè wọlé, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú mẹ́ta gbọ́dọ̀ jáde fún un. Ẹ kọ èyí tó jáde sí Kò tíì parí, kí ẹ sì kọ ìdí rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa jẹ̀bi rẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú.

Àmì kẹrin ló ń pa ìjókòó náà pátápátá: kó di ilé ẹjọ́. Bí ọmọ bá mọ̀ pé wọ́n máa bá a wí níwájú àwọn àbúrò rẹ̀ nítorí ohun tí kò parí, á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ó ti parí. Láti ọjọ́ náà, ohun tó wà nínú ìwé kì í ṣe òótọ́ mọ́. Ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bi í ni "kí ló dí i lọ́wọ́?" Bí ó bá jẹ́ ìwà ọmọ náà ló nílò àtúnṣe, ẹ pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní ọjọ́ mìíràn. Àwa Mùsùlùmí mọ ohun tí à ń pè ní ìṣirò ara ẹni. Ara ẹni sì ni a ń bá ṣe é. Bí olórí ilé bá kọ́kọ́ ka èyí tí òun fúnra rẹ̀ kò parí, ó máa rọrùn fún àwọn yòókù láti sọ òótọ́.

Ìwọ̀n tún wà fún ohun tí ìjókòó yìí lè ṣe. Kò lè bí owó tí kò sí. Nínú àpẹẹrẹ wa, bí oníbàárà kò bá san, tí ọjà kò sì tà, owó ìdánwò náà ṣì máa kù. Ṣùgbọ́n Bàbá á ti mọ̀ ní alẹ́ Ìṣẹ́gun, á sì lè dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ní Ọjọ́rú nígbà tí àyè ìdúnàádúrà ṣì wà. Ẹni tó bá dé ní ọ̀sán Jímọ̀ kò ní àyè yẹn mọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ojú-ìwé kan ní ọjọ́ Àìkú yìí, ẹ kọ ọjọ́ ọjà yín sí òkè rẹ̀, kí ẹ sì bá a lọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí ọjọ́ ọjà fi lè yípo lẹ́ẹ̀kan. Ní ìparí rẹ̀, ẹ ka ojú-ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀. Ẹ ó rí ọ̀sẹ̀ tí ọjà kan péré wà, ẹ ó rí oníbàárà tó ń pẹ́ san owó, ẹ ó sì rí iṣẹ́ tó ń padà wá. Ọlọ́hun á fi àlùbáríkà sí iṣẹ́ ọwọ́ wa.